Bàbá Tó Ń Ka Púrúùfù ní Ìkòròdú: Ohun Tí ₦15,600 Mi Rà

Ọmọ-ọmọ Bàbá ló ń ka òfin kẹrìnlá ẹgbẹ́ wa sókè tó fi bú sẹ́rìn-ín. "A ó pín ère ọdọọdún fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́." Ère o, irú èyí tí wọ́n ń fi igi gbẹ́. Èrè la ní lọ́kàn. Mo ti ka ojú ìwé yẹn tó ìgbà mẹ́fà nílé, èrè ni mo sì kà ní gbogbo ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan lápá Ìpákòdò. Ìwé òfin wa ti wà lédè Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tó ń dáwó níbẹ̀ kò lè kà á, bẹ́ẹ̀ wọ́n sì ń fọwọ́ sí i. Ìpàdé wá pinnu pé ká ṣe ti Yorùbá, ojú ìwé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí á tẹ ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà. Ilé ìtẹ̀wé sọ fún wa pé ohun tí a bá gbé wá làwọn máa tẹ̀, àwọn kì í bá èèyàn wo àṣìkọ. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti júwe Bàbá fún mi, lẹ́yìn ọjà Sábó. Iṣẹ́ púrúùfù kíkà, ìyẹn wíwá àṣìṣe nínú ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ló fi jẹun kó tó fẹ̀yìn tì. ₦600 ni ojú ìwé kan, mo sì san ₦15,600 lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ lè ní kí ni kọ̀ǹpútà ń ṣe. Ọmọbìnrin tó bá wa tẹ iṣẹ́ náà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ti ń tẹ Yorùbá lórí Word ọjọ́ pẹ́. Ìlà pupa tó máa ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ti sú u, nítorí náà, tó bá ti rí i, á tẹ Add to Dictionary. Ère wà nínú ẹ̀rọ náà, èrè wà níbẹ̀, eré náà wà níbẹ̀. Èyí tó bá tẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rọ á gbà á. Kò mọ̀ pé owó là ń sọ, kì í ṣe igi gbígbẹ́.

Bàbá kì í ka ohunkóhun lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kí lẹ́tà tóbi, kí ìlà sì jìnnà síra wọn. Ó tún gba ìwé àfọwọ́kọ tí ìpàdé fọwọ́ sí lọ́wọ́ mi. Nílé ìtẹ̀wé, ẹnì kan máa ń ka àfọwọ́kọ sókè, ẹnì kejì á sì máa fi ojú bá a lọ lórí púrúùfù. Bàbá yí i padà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó wà ní kíláàsì karùn-ún, ló ń ka púrúùfù, òun sì di àfọwọ́kọ mú. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi lo àgbàlagbà.

"Ìyá Akọ̀wé, ohun tó wà lọ́kàn yín lẹ ń kà. Ohun tó wà lójú ìwé lọmọ yìí ń kà."

Òótọ́ ni. Dò-re-mí tí wọ́n kọ́ ọmọ náà nílé ìwé ló ń tẹ̀ lé, ìró kan lẹ́yìn òmíràn. Ó rí dò, re, ó sì pe ère. Èmi tí mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó dò, ó re, èrè náà ni màá pè.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè mú gbogbo rẹ̀. Ní òfin kẹtàdínlógún, ó kà á geere pé: "Ọmọ ẹgbẹ́ gbọdọ̀ yá owó mìíràn kí ó tó san èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀ tán." Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣì níbẹ̀, àmì ohùn pé pérépéré. Bàbá ló gbé ọwọ́ sókè, nítorí "kò gbọdọ̀" ló wà nínú àfọwọ́kọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó já bọ́, ẹgbẹ́ ti ń fi òfin ti èèyàn sínú gbèsè. Lẹ́yìn ìyẹn, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó fi bírò yí gbogbo "gbọdọ̀" inú ìwé náà ká, ó sì ń bi mí lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe ni tàbí ohun tí a fẹ́ kí wọ́n má ṣe. Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo dáhùn gbogbo rẹ̀.

Ti ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi páálí bo ìwé, ó ń sún un wálẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ọ̀rọ̀ tó parí ìlà òkè àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ ti ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí "tí" ní ìparí ojú ìwé kẹsàn-án àti "tí" mìíràn lókè ìkẹwàá. Èdè tiwa tún fẹ́ ọgbọ́n níbí, torí àwa náà máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ. "Onígbọ̀wọ́ méjì méjì" dúró nínú òfin kan nítorí ẹni púpọ̀ là ń bá wí. Ní òmíràn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń yáwó, ó fa ọ̀kan yọ. Nígbà tó wá rò ó pé òun ṣì ọ̀kan fà yọ, kò to àmì kéékèèké sábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú iṣẹ́ wọn láti fi hàn pé kí ọ̀rọ̀ náà dúró. Ó ní bí òun bá to àmì sábẹ́ Yorùbá, atẹ̀wé á sọ "o" di "ọ". Ó kọ "ẹ fi sílẹ̀" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé.

Àtúnṣe gan-an ló fẹ́ pa wá. Ibi méjì péré ni Bàbá ti rí "ọwọ́" níbi tí ó yẹ kó jẹ́ "owó", ọ̀kan nínú wọn ni "ọwọ́ ìwọlé". Ọmọbìnrin wa fẹ́ yára, ó tẹ Ctrl+H, ó ní kí ẹ̀rọ fi owó rọ́pò ọwọ́, ó tẹ Replace All, kò sì fi àmì sí Find whole words only. Ẹ̀rọ ní òun ti pààrọ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Méjì sí mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó yẹ kí ara ti fu wá, a ò kà á sí. Nígbà tí mo gbé púrúùfù kejì lọ, ẹ̀yìn ìwé ni Bàbá kọ́kọ́ wò, kò tilẹ̀ tíì dé inú. ẸGBẸ́ ALÁFOWÓSOWỌ́PỌ̀ ló wà níbẹ̀ ràgàjì. "Ìfọwọ́sí" ti di "ìfowósí" ní gbogbo ibi tó wà. Ti ẹ̀yìn ìwé yẹn, ìlà pupa kò lè sí níbẹ̀ rárá, nítorí Word ti fi àmì sí Ignore words in UPPERCASE láti ilé wá: lẹ́tà ńlá ni, kò ní wò ó. Bàbá kò gba kọ́bọ̀ kankan fún púrúùfù kejì.

Ẹ̀sùn mi kò ju méjì lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló ní, ọjọ́ méje ló lò, ilé ìtẹ̀wé sì ti ń pè mí. Èkejì ni nọ́ńbà fóònù akápò. Ó ka díjíìtì rẹ̀, ó pé mọ́kànlá, ó sì bá ti àfọwọ́kọ mu. Àfọwọ́kọ náà ló ṣì, èmi ni mo sì kọ ọ́, mo gbé 6 ṣáájú 9. Inú bí mi nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ta ni ǹ bá dá lẹ́bi? Ká ní a ti pe nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kan lórí fóònù kí a tó tẹ̀ ẹ́ ni. Sítíkà kékeré la padà gé, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà lọ́kọ̀ọ̀kan, akápò fúnra rẹ̀ jókòó tì wá, ó ń kà á.