Wíńṣì iná tó dákẹ́ pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì méjì lókè

Àpò sìmẹ́ńtì méjì so rọ̀ lágbedeméjì ògiri ilé tí à ń rẹ́ ní Adénìkẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́. Wíńṣì kò gbé e lọ sókè mọ́, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ó kàn dákẹ́ ni. Mo gbọ́wọ́ lé ara mọ́tò rẹ̀, mo yára fà á padà, ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Mo lé àwọn lébìrà kúrò lábẹ́ ẹrù náà. Ọpẹ́lọpẹ́ bíréèkì rẹ̀ tí kò tú.

Mo pe ẹni tó tà á. Ó ní, "Ẹ ti di ẹrù jù ni, Bàbá." Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! 100 kg ni wọ́n kọ sí i lára fún okùn kan ṣoṣo, àpò 50 kg méjì sì ni mo so kọ́. Nígbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó pa fóònù.

Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló wá lọ́jọ́ kejì. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ki mítà kékeré bọ ibi tí wáyà ti ń gba iná, ó ní ká gbé àpò méjì náà sókè. Ìṣẹ́jú àáyá 36 la fi gbé e dé 6 m, mítà sì ń ka 510 W. Ó mú èédú, ó ṣírò rẹ̀ sára ògiri mi:

100 × 9.8 × 6 = 5,880 J
510 × 36 = 18,360 J

Ti òkè ni agbára tí ẹrù gbà, ti ìsàlẹ̀ ni iná tí a san owó rẹ̀. Nínú 100, 32 péré ló dé ara ẹrù. Mo ní ariwo rẹ̀ ló ń jẹ ìyókù. Ó ní, "Rárá sà. Ariwo ń dun etí ni, agbára inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Wáyà inú mọ́tò àti gíà tó ń gbo ara wọn ló ń sọ ọ́ di ooru." Ṣùgbọ́n ó ní tí ohùn rẹ̀ bá yí padà, tó ń ha, kí n yẹ gírísì wò. Ó tú gíà, gírísì ti gbẹ lóòótọ́. Ó fi tuntun sí i.

Ìgbà yẹn ló wá nawọ́ sí ohun tí wọ́n tẹ̀ sára mọ́tò: S3 20% 10min. Nínú ìṣẹ́jú 10, 2 péré ni kó fi ṣiṣẹ́, kí ooru yẹn lè ráyè jáde. Gbígbé sókè gba ìṣẹ́jú àáyá 36, sísọ ìkọ́ kalẹ̀ gba 36 mìíràn, a sì ti ń fà á láìsinmi láti aago mẹ́jọ. Ohun tó ń dáàbò bo mọ́tò lọ́wọ́ ooru ló gé iná. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi nígbà tí wọ́n ń gbowó!

Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 6 là ń gbé e. Àpò 40 ń gun òkè láàárín wákàtí 2, àwọn lébìrà kò ru ọ̀kan lórí àtẹ̀gùn. Kò tíì dákẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo máa ra òmíràn fún ilé tó kàn.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5.