Fíkísì, tírẹ́ṣúrì bílì àti mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì: ohun tí ojú mi rí nídìí owó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé

Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé báńkì mi sún fíkísì mi, owó tí mo tì pa fún iye ọjọ́ kan kó lè mú èlé wá, síwájú láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo ti san apá kan lára owó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹni tó tà á sì fún mi ní oṣù mẹ́tàlélógún láti san ìyókù. Fíkísì ọlọ́jọ́ 90 ni mo kọ́kọ́ fi owó náà ṣe, kí n lè máa wo ibi tí ọjà ń lọ. Nígbà tí mo gbé e sílẹ̀, mo kọ lẹ́tà pé tí ọjọ́ bá pé, kí wọ́n da ojú owó àti èlé rẹ̀ sínú àkáǹtì mi. Ọjọ́ pé, mo wo àkáǹtì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n ti kó ojú owó àti èlé pa pọ̀, wọ́n tún tì í fún ọjọ́ 90 mìíràn, èlé tuntun náà sì kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí tábìlì kí mi dáadáa. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é fúnra rẹ̀." Mo ní kó gbé fáìlì mi wá. Lẹ́tà mi wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ tí wọ́n fi gbà á wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù tiwọn wà, èyí tí àmì ti wà nínú àpótí "kí a sún un síwájú" láti ilé ìtẹ̀wé wá. Kò sí oníbàárà tó fọwọ́ sí àpótí yẹn. Ìwé ni wọ́n tẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi wò ó! Mo ní kí wọ́n já a. Ó ní tí wọ́n bá já a kí ọjọ́ tó pé, èlé tó ti wọlé láti ìgbà tí wọ́n sún un ni màá pàdánù. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ ẹ pe máníjà fún mi." Máníjà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wo òǹtẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà láìgé kọ́bọ̀ kankan. Ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe òǹtẹ̀ yẹn, mi ò mọ ohun tí mi ì bá fi hàn án. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe fíkísì, kó ka àpótí yẹn kó tó fọwọ́ sí i, kó sì gba ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí.

Bí mo ṣe ń dìde, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ pé kí n tún un ṣe, pé ọlọ́dún kan ni kí n mú lọ́tẹ̀ yìí, pé 16% ni tiwọn, nígbà tí tírẹ́ṣúrì bílì, ìwé tí ìjọba fi ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú, kò ju 15% lọ. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àmọ́ màmá kan tó ń ṣètò bílì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì báńkì kan náà, èmi náà sì gòkè lọ. Ibẹ̀ ni inú mi ti yọ́.

Màmá yìí fa ìwé kan tú, ó ní, "Ẹ má fi nọ́ńbà méjèèjì wéra wọn bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ìṣirò wọn yàtọ̀." Èlé fíkísì máa ń dé lẹ́yìn tí ọjọ́ bá pé, lórí iye tí èèyàn gbé sílẹ̀. Ti bílì, ńṣe ni wọ́n máa ń yọ èlé kúrò nínú iye tí ìjọba máa san padà, èèyàn á sì ra bílì náà ní owó tó dín sí i. Bílì mílíọ̀nù kan, ọlọ́jọ́ 364, ní 15%: èlé tí wọ́n yọ jẹ́ 149,589, owó tí mo san jẹ́ 850,411. Ó ní kí n fi 149,589 wé 850,411, kì í ṣe wé mílíọ̀nù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17.6%. Ká ní 850,411 náà ni mo fi ṣe fíkísì 16% fún ọdún kan, 136,066 ni màá rí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní 13,500. Inú ìwé kékeré yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà, ó fún mi mú lọ. Ó tún ní kí n béèrè owó orí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, torí ibi tí òfin bá ti gé èlé ọ̀kan tí kò gé ti ìkejì, ìyàtọ̀ náà lè pọ̀ sí i tàbí kó parẹ́.

Ohun tí mi ò gbádùn nípa bílì ni ìgbà tí èèyàn bá nílò owó rẹ̀ ní kíá. Kò sí ẹni tó máa já a fún èèyàn, ńṣe ni èèyàn máa tà á ní iye tí ọjà bá dá lé e lọ́jọ́ náà. Ká ní mo fẹ́ ta tèmi nígbà tó ku ọjọ́ 182, tí èlé sì ti gòkè sí 20%, nǹkan bí 900,270 ni màá rí gbà. Tí èlé bá wà níbi tó wà, ì bá lé ní 925,000. Torí náà, owó tí kò ní ọjọ́ kan pàtó kò yẹ níbẹ̀. Tèmi ní ọjọ́.

Mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì, àpò tí ilé-iṣẹ́ kan ti ń kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ láti fi yáni fún ìgbà kúkúrú, ni mo fi dí àlàfo tó kù. Ọ̀dọ́bìnrin ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó o kò fi nǹkan pamọ́. Ó ní iye ìdá tó wà lójú ìwé wọn jẹ́ ti èyí tó ti kọjá, wọn kò fi ṣèlérí, wọ́n sì ti yọ owó iṣẹ́ wọn kúrò nínú rẹ̀. Mo bi í bóyá owó mi lè dín. Ó ní ó lè dín, ó sì sọ ti Reserve Primary Fund, irú àpò bẹ́ẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008. Lehman Brothers, báńkì tí àpò náà yá lówó, wó lulẹ̀, ìpín tí wọ́n ń kà sí dọ́là kan sì já sí sẹ́ńtì 97. Ó tún sọ pé èlé àpò tiwọn máa ń tẹ̀lé ọjà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lókè tàbí nísàlẹ̀, nígbà tí ti bílì ti dúró láti ọjọ́ tí èèyàn rà á. Owó náà máa ń dé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan sí méjì, àmọ́ tí èèyàn bá béèrè lẹ́yìn aago tí wọ́n dá, ó di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá béèrè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ tuntun ló máa gbà á. Ohun kan ṣoṣo tí mo bá wọn rojọ́ lé lórí nìyẹn.

Bí mo ṣe tò ó nìyí: bílì ọlọ́jọ́ 364, tó bá pé, mo tún gbé e lọ sí ọlọ́jọ́ 182, oṣù méjì tó kù ó wà nínú mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì títí ẹni tó ta ẹ̀rọ yóò fi gba owó rẹ̀. Èlé lè ti já wálẹ̀ kí n tó ra ìkejì, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa pé lẹ́yìn ọjọ́ ìsanwó.

Máàkì mi: bílì gba mẹ́rin nínú márùn-ún, mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì gba mẹ́rin. Fíkísì báńkì mi náà gba mẹ́rin, pẹ̀lú gbogbo ìbínú mi, torí máníjà yẹn dá gbogbo owó mi padà lọ́jọ́ náà gan-an, abẹ́ òrùlé wọn sì ni màmá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ti ń ṣiṣẹ́.