CapCut, Shotcut tàbí DaVinci Resolve: èwo ni kí ẹ fi ṣe fídíò àjọ̀dún ìgbéyàwó?

Ká ní bàbá àti ìyá yín pé ogójì ọdún nílé ọkọ nílé aya. Fọ́tò 48 wà nílẹ̀, orin tí wọ́n fẹ́ràn sì gba ìṣẹ́jú 4 gééré, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 240. Tí ẹ bá pín in, 5 ló kan fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ó jọ pé ìṣirò ti parí, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni Shotcut àti Resolve ti yàtọ̀ síra.

Nínú Shotcut, kí fọ́tò kan tó lè yọ́ wọ inú èkejì, ẹ ó fa èkejì gun orí ìkíní díẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gun ara wọn yẹn ń jẹ nínú àkókò. Ká ní ó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 1 níbi ìpàdé kọ̀ọ̀kan: ìpàdé 47 ló wà láàárín fọ́tò 48, nítorí náà fọ́tò á tán ní 193, orin á sì máa kọ lọ lórí ojú dúdú. Ẹ fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní 6 dípò 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 288. Ẹ yọ 47, ó ku 241. Ẹ ti bá orin dé.

Ti Resolve kò rí bẹ́ẹ̀. Cross Dissolve, àyípadà tó ń jẹ́ kí fọ́tò kan yọ́ wọ inú èkejì, kàn máa ń jókòó sórí ojú ibi tí fọ́tò méjì ti pàdé ni, kò sún ìkankan nínú wọn, nítorí náà 5 yín dúró ní 5. Ẹ yan gbogbo fọ́tò, ẹ tẹ Ctrl+T, ó parí. Èmi fẹ́ràn èyí jù, àmọ́ Resolve wúwo: láptọ́ọ̀pù tí kò ní tó 16 GB RAM á máa fà. Shotcut rọrùn fún 8 GB.

Ẹ ṣọ́ra fún fọ́tò àtijọ́ tó dúró lóòró. Slideshow Generator inú Shotcut ní Crop Center, tó máa ń gé òkè àti ìsàlẹ̀ kí fọ́tò lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Gèlè Màmá ló máa kọ́kọ́ bá a lọ. Pad Black ni kí ẹ mú. Dúdú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ní ti owó, ọ̀fẹ́ ni Shotcut. Resolve náà ní ti ọ̀fẹ́, kò sì ní fi àmì kankan sórí fídíò yín; ẹ má wulẹ̀ ra Studio oní dọ́là 295 nítorí iṣẹ́ yìí. CapCut lórí fóònù ló yá jù, àmọ́ kí ẹ tó lo àyípadà kankan, ẹ wò ó bóyá Pro wà lára rẹ̀, torí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé fídíò jáde ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè owó.

Bí omi bá ti ba fọ́tò ìgbéyàwó náà jẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún fọ́tò ṣe ni kí ẹ gbé owó yín lọ.