Radiatọ̀ onífáànù àti èyí tí kò ní fáànù: èwo ni kí ẹ rà fún tiransísítọ̀ tó ń sun wáàtì 20?

Oríṣi méjì ló sábà máa ń wà níwájú ẹni tó ń wá radiatọ̀, irin tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀yìn tiransísítọ̀ kó lè tú ooru rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, yálà ní Àjàṣẹ́ tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Kétu. Ọ̀kan jẹ́ alumíníọ̀mù dúdú tó wúwo, ìyẹ́ rẹ̀ nípọn, wọ́n sì jìnnà síra wọn. Èkejì ni wọ́n tú lára kọ̀ǹpútà àtijọ́: ó kéré, ìyẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n há mọ́ra, fáànù sì wà lórí rẹ̀. Èkejì yìí ló máa ń wọni lójú, torí pé tí fáànù rẹ̀ bá ń yí, ẹ lè gbé ọwọ́ lé e pẹ́ títí láìjẹ́ pé ó jó yín.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan pàtó dán wọn wò. Ẹ̀rọ kan ń gba fólítì 20, ó ń sọ ọ́ di 12 fún rédíò ọkọ̀ tí wọ́n gbé sínú ilé, rédíò náà sì ń fa ámpù 2.5. Tiransísítọ̀ TIP35C ló wà láàárín. Fólítì 8 tó ṣẹ́kù, òun ló ń rù ú. Ẹ fi 2.5 sọ 8 di púpọ̀, wáàtì 20 ni yóò máa di ooru nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa dúró níbí, wọ́n á ní wáàtì 125 ni ìwé ilé iṣẹ́ kọ fún TIP35C, pé kí ni 20 fẹ́ fi í ṣe. Wáàtì 125 yẹn kì í ṣe ti yín. Ó jẹ́ òótọ́ kìkì tí ẹ̀yìn tiransísítọ̀ bá wà ní dígírì 25 láìkúrò. L'Ájàṣẹ́, afẹ́fẹ́ lásán ti ju 25 lọ lọ́pọ̀ ọ̀sán. Nínú àpótí tí wọ́n pa dé, lábẹ́ òrùlé páànù, ẹ ka 50 kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Ooru tó ń ti inú tiransísítọ̀ jáde máa gba ẹnu ọ̀nà mẹ́ta kọjá. Èkíní ni láti ọkàn rẹ̀ dé ẹ̀yìn rẹ̀ onírin, èkejì ni girísì àti míkà, awẹ́ tín-ín-rín tí kì í jẹ́ kí iná kọjá sára radiatọ̀, ẹ̀kẹta ni láti ara radiatọ̀ bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ìdènà ooru tirẹ̀: iye dígírì tó máa fi gbóná sí i fún wáàtì kan tó bá gbà á kọjá. Ti àkọ́kọ́ wà nínú ìwé, ó jẹ́ 1 fún TIP35C, ẹ kò sì lè yí i padà. Èkejì, tí ẹ bá ṣe é dáadáa, ẹ ka 0.5. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ẹ ń fi owó rà.

```
T = 50 + 20 × (1 + 0.5 + R)
```

R ni ti radiatọ̀, T ni bí ọkàn tiransísítọ̀ ṣe máa gbóná tó. TIP35C kò gbọdọ̀ kọjá dígírì 150, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi 120 ṣe ààlà. Àyè tó wà láàárín 50 àti 120 jẹ́ 70. Ẹ pín in sí 20, ó di 3.5. Ẹ yọ 1.5 kúrò, ó ku 2. Radiatọ̀ tí R rẹ̀ bá ju 2 lọ, ẹ má rà á fún iṣẹ́ yìí. Páànù alumíníọ̀mù lásán tí kò ní ìyẹ́, tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, kò sún mọ́ ọn rárá.

Radiatọ̀ dúdú tó gùn tó fẹ̀ ní ìwọ̀n mílímítà 100, tí ìyẹ́ rẹ̀ ga tó 40, lè wà ní nǹkan bíi 1.8. Ọkàn tiransísítọ̀ á dúró ní 116. Ti kọ̀ǹpútà, tí fáànù bá ń yí, ẹ lè fi 0.5 bù ú, ọkàn á dúró ní 90. Lórí ìwé, onífáànù ló borí.

Ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: tí fáànù bá dúró ńkọ́? Ìyẹ́ tó há bẹ́ẹ̀ yẹn, fáànù ni wọ́n ṣe é fún. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó fẹ́ fúnra rẹ̀ gòkè kò ráyè láàárín wọn, torí náà, bí ojú wọn tilẹ̀ pọ̀, kò wúlò púpọ̀. R rẹ̀ lè fò láti 0.5 dé 4. Ẹ fi 4 sínú ìṣirò òkè yẹn, T á di 160. Tiransísítọ̀ ti lọ nìyẹn. Bó sì ṣe sábà máa ń lọ ló burú jù: ẹsẹ̀ tí iná ń gbà wọlé àti èyí tó ń gbà jáde á lẹ̀ mọ́ra nínú, gbogbo fólítì 20 á sì rọ́ wọ inú rédíò tó yẹ kó gba 12. Fáànù ló kọ́kọ́ kú, rédíò ni ẹ máa sanwó rẹ̀.

Fáànù àlòkù kì í sì í kú lójijì. Ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, nígbà ọyẹ́, eruku máa ń hun bí òwú sáàárín ìyẹ́ àti fáànù. Fáànù ṣì ń yí, ariwo rẹ̀ ṣì ń dún, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò kọjá mọ́. Ẹ gbé bébà tín-ín-rín sí ibi tí afẹ́fẹ́ yẹ kó gbà jáde: tí kò bá mì, fáànù yẹn kò ṣiṣẹ́ kankan mọ́. Ẹ tún fi ìka tì í nígbà tí iná kò sí. Tó bá ń ha tàbí tó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, girísì inú rẹ̀ ti gbẹ.

Radiatọ̀ dúdú kò ní ohun tó lè kú lára. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ìyẹ́ rẹ̀ dúró lóòró kí afẹ́fẹ́ lè gòkè láàárín wọn, kí ẹ sì fi í sí ẹ̀yìn àpótí níta. Tí fólítì tó ń wọlé bá tilẹ̀ gòkè dé 22, wáàtì á di 25, ọkàn á dé nǹkan bíi 133, kò tíì dé 150.

Míkà náà yẹ kí ẹ ṣọ́, irú radiatọ̀ yòówù kí ẹ rà. Tí kò bá ní girísì, 0.5 yẹn lè kọjá 1, ìyẹn sì jẹ́ dígírì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi girísì fẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú méjèèjì, kó kàn bo ojú irin. Lẹ́yìn tí ẹ bá fún bọ́ọ̀tì tán, ẹ fi mítà wo ẹsẹ̀ àárín àti radiatọ̀: kò gbọdọ̀ dún.

Ẹni tó ń ta radiatọ̀ kì í sábà mọ R rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ní wáàtì 20 fún wákàtí kan, ẹ wọn ooru ara radiatọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransísítọ̀, ẹ yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò, ẹ pín in sí 20. Tí radiatọ̀ bá wà ní 66 tí afẹ́fẹ́ sì jẹ́ 30, 36 nínú 20 jẹ́ 1.8.

Fún wáàtì 20, èyí tí kò ní fáànù ni kí ẹ rà. Onífáànù ní ipò tirẹ̀ níbi tí wáàtì bá ti pọ̀. Ká ní 60 ni. 70 nínú 60 kò ju 1.17 lọ, ẹnu ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ nìkan sì ti gba 1.5, torí náà kò sí radiatọ̀ tó lè gba tiransísítọ̀ kan ṣoṣo là. Ẹ pín iṣẹ́ náà fún mẹ́ta lórí radiatọ̀ kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé 20. Radiatọ̀ á lè gbóná dé 90, R tí ẹ nílò á sì jẹ́ 40 nínú 60, ìyẹn 0.67. Níbẹ̀, fáànù tó jẹ́ 0.5 tó. Ṣùgbọ́n ẹ de súwìṣì ooru KSD301 oní 90, irú tó máa ń já iná tó bá gbóná, mọ́ ara radiatọ̀ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí iná tó ń wọ tiransfọ́má gba inú rẹ̀ kọjá.