Sírọ́ọ̀mù fítámì Sí tó dé bí omi tíì

Ìgò kejì sírọ́ọ̀mù tí mo fi ń pa ojú ló bí mi nínú. Ti àkọ́kọ́ tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á mọ́ gaara, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀, ó sì máa ń ta mí lára fẹ́ẹ́rẹ́. Mo wá ṣí páálí kejì: omi tíì! Fítámì Sí tí afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ tàbí ooru bá ti bà jẹ́ ló máa ń pọ́n bẹ́ẹ̀, ó sì lè kun ojú èèyàn.

Mo kọ̀wé sí wọn. Ọmọbìnrin tó dáhùn ní, "Ẹ má bínú mà, bó ṣe máa ń rí nìyẹn." Mo ní kó fi òmíràn tó wà lórí àtẹ wọn hàn mí. Ó dákẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, ó wá ní òun máa bi ọ̀gá òun.

Kò tán nínú mi. Mo lọ ra áyódíìnì tí wọ́n fi ń nu egbò, nítorí fítámì Sí tó ṣì lágbára máa ń pa àwọ̀ rẹ̀ rẹ́. Mo bu omi díẹ̀ sínú ife funfun méjì, mo kán ogún ẹ̀kán áyódíìnì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyókù ìgò àkọ́kọ́, tó wà nínú fíríìjì, fi ẹ̀kán mẹ́ta sọ omi di mímọ́ gaara. Tuntun gba mọ́kànlá, omi ṣì pọ́n díẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò lè sọ bóyá wọ́n bomi là á ni tàbí ó ti bà jẹ́ o, nǹkan mìíràn náà sì lè pa àwọ̀ áyódíìnì rẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní láti fi í wé èyí tí mo ti mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni ọkùnrin kan bọ́ sí i. Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni fọ́tò ìdí ìgò àti ti páálí. Nọ́ńbà ara wọn ò bára mu! Kò jiyàn rárá. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jàre mà. Ìgò tí ẹnìkan dá padà ni wọ́n kó sí páálí tuntun." Ó fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí n máa dé e kíákíá, kí n má fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń kán an kan ojú, kí n má sì gbára lé 12M tó wà lára rẹ̀, torí oṣù tí ìgò ṣíṣí lè lò nìyẹn, fítámì Sí kì í sábà dúró dè é. Ọkùnrin yẹn gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tó ti ń dùn mí rèé. Mo gbé ìgò kẹta yẹn sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé balùwẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ti dà bí èèpo ọsàn. Èmi ni mo fà á, àmọ́ ta ló ní kí wọ́n máa ta á nínú ìgò tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá?

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti sanwó ìgò kẹrin, mo sì ti ṣàyè fún un nínú fíríìjì.