Akáùntì dọ́mù tàbí fọ́ọ̀ndù dọ́là: èwo ni kí òṣìṣẹ́ olówó-oṣù fi bẹ̀rẹ̀?

Ẹni tó ń gba owó oṣù ní náírà kò nílò àlàyé pé agbára owó náà ń dínkù. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦470 ni dọ́là kan lọ́dọ̀ ìjọba; nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Ọ̀nà méjì ni àwọn òṣìṣẹ́ sábà máa ń gbà bẹ̀rẹ̀ sí í ní dọ́là: àwọn kan á ra owó náà kí wọ́n tó kó o sínú akáùntì dọ́mù ní báńkì, àwọn mìíràn á ra ìpín nínú fọ́ọ̀ndù dọ́là, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìdókòwò ti ń kó dọ́là ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ, tí wọ́n sì ń fi ra Yúróbọ́ǹdì, ìyẹn gbèsè tí ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá yá ní dọ́là. Mo ti ṣe méjèèjì, àkọ́kọ́ sì ti mú kí n pàdánù owó.

Ní ti ṣíṣí akáùntì, kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀: àwọn ìwé tí wọ́n ń béèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ní ti èrè, dọ́mù kì í san èlé tó yẹ kí a ka sí ohun kan, nígbà tí fọ́ọ̀ndù lè mú nǹkan bí dọ́là mẹ́fà tàbí méje wọlé lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ní ti kíákíá, dọ́mù ló borí, torí ẹ lè gba owó yín ní ọjọ́ náà, nígbà tí fọ́ọ̀ndù máa ń gba ọjọ́ iṣẹ́ mélòó kan kí owó tó jáde. Nígbà kan rí, mo rò pé kíákíá yìí ni àǹfààní tó ga jù.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí gbogbo ènìyàn ní ibi iṣẹ́ wa ń sọ pé dọ́là yóò di ₦2,000, mo kó ₦360,000 lọ bá àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Sábó, ní Ìbàdàn, mo sì ra dọ́là igba ní ₦1,800. Mo kó o sínú dọ́mù, ọkàn mi sì balẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin, owó ilé pé, mo sì lọ gba igba dọ́là mi padà. Ọmọ káńtà kó bébà ọgọ́rùn-ún méjì fún mi, n kò sì yẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tí mo dé Sábó, Alájì tẹ́ méjèèjì sórí itan rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra etí wọn, ó sì ya ọ̀kan sọ́tọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, olórí kékeré lèyí o. Mi ò lè gbà á ní iye tí mo ń gba èkejì." Àwòrán orí tó wà lára bébà náà kéré nítorí pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí Amẹ́ríkà tó yí ìrísí ọgọ́rùn-ún dọ́là padà ní ọdún 1996. Owó gidi ni, Amẹ́ríkà kò fagi lé e, Báńkì Àpapọ̀ pàápàá ti kìlọ̀ fún àwọn báńkì ní ọdún 2021 pé kí wọ́n má ṣe kọ̀ ọ́, àmọ́ ìkìlọ̀ yẹn kò dé ibi tí mo jókòó sí. Ó san ₦1,150 lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan nínú bébà tó dára, ó sì san ₦1,080 lórí olórí kékeré. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦223,000. Láàárín oṣù méjì, ₦137,000 ti bọ́ lọ́wọ́ mi, láìsí ẹni tó jí nǹkankan.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀gbẹ̀rún méje péré ni olórí kékeré mú lọ nínú rẹ̀. Ìyókù jẹ́ ẹ̀bi mi: ẹ̀rù ni mo fi ra dọ́là ní ọjọ́ tó wọ́n jù, mo sì fi owó tí mo mọ̀ pé mo máa ná ní náírà láìpẹ́ rà á. Ewu pàṣípààrọ̀ tí ó ń bá òṣìṣẹ́ jà kì í ṣe pé náírà yóò já wálẹ̀ nìkan. Kí náírà gbéra ní ọ̀sẹ̀ tí onílé ń béèrè owó rẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ.

Fọ́ọ̀ndù náà kò bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí. Bí ẹ bá ń kó náírà sí i láti orí áàpù, ẹ wo iye tí wọ́n fi ń ta dọ́là àti iye tí wọ́n fi ń rà á padà lọ́jọ́ kan náà. Ká ní wọ́n ń tà á ní ₦1,560, tí wọ́n sì ń rà á ní ₦1,510: ₦50 ti lọ lórí dọ́là kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì èrè ọdún kan. Nítorí náà, owó tí ẹ máa ná kí ọdún tó yípo kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀.

Ìṣirò kejì ni àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ ṣe. Ká ní fọ́ọ̀ndù náírà lásán ń san ogún lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún, bó ti rí ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, tí ti dọ́là sì ń san méje. Bí ẹ bá ra dọ́là ní ₦1,500, àfi tí ẹ bá lè tà á ní nǹkan bí ₦1,680 lẹ́yìn ọdún kan ni ẹ óò fi bá ẹni tó dúró sínú náírà dọ́gba. Ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dọ́là tó lé ní ₦1,500, ó sì parí nígbà tó ti wá sí abẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹni tó wà ní náírà ló jẹ èrè ọdún yẹn. Ní ọdún 2023, òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀.

Iye ìpín inú fọ́ọ̀ndù tún lè wálẹ̀ ní dọ́là fúnra rẹ̀, bó ti ṣẹlẹ̀ sí Yúróbọ́ǹdì Nàìjíríà ní ọdún 2022, nígbà tí èlé Amẹ́ríkà ń ròkè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá iye ọjà ojoojúmọ́ ni wọ́n fi ń ka ìpín, kí ó má baà yà yín lẹ́nu. Àwọn ọ̀nà mìíràn tún wà: USDT, ìyẹn owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe kí iye rẹ̀ lè máa bá dọ́là dọ́gba, máa ń yára, àmọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ lẹ ó máa san náírà fún. Ṣíà Amẹ́ríkà dára fún ẹni tí kò ní fọwọ́ kan owó náà fún ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n ewu ọjà ṣíà wà lórí ewu pàṣípààrọ̀.

Ibi tí mo wà nìyí: nínú owó oṣù ₦350,000, ₦30,000 ń wọ fọ́ọ̀ndù dọ́là ní ọjọ́ kejì tí owó oṣù bá wọlé, yálà dọ́là wọ́n tàbí ó wálẹ̀. Bó bá wọ́n, ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo rà; bó bá wálẹ̀, ó pọ̀ sí i. Ọjọ́ iṣẹ́ mélòó kan tí owó fi ń pẹ́ kó tó jáde, tí mo kà sí àléébù tẹ́lẹ̀, ni kò jẹ́ kí n tún sáré lọ Sábó. Owó ilé ti wà lọ́tọ̀ nínú fọ́ọ̀ndù náírà. Dọ́mù náà kò tíì tì. Mo fi dọ́là ọgọ́rùn-ún sínú rẹ̀ fún ọjọ́ tí mo bá nílò owó lọ́wọ́, mo sì ti sọ fún ọmọ káńtà pé bébà tuntun aláwọ̀ búlúù nìkan ni kí ó máa kó fún mi.