Abúlé inú ìtàn: ti ẹlẹ́ja àbí ti alágbọn?

Kí o tó fún baálẹ̀ abúlé inú ìtàn rẹ lórúkọ, kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀.

Gbé e sí etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ẹja ni. Ẹja tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n kó dé láàárọ̀ lè ti máa rùn kí oòrùn tó wọ̀. Nítorí náà, àwọn obìnrin gbọ́dọ̀ ti wà létí omi, kí iná ti máa jó, kí ẹnìkan sì ti ta igi ìdáná fún wọn. Jẹ́ kí ìyá tó ń yan ẹja ti yá apẹja lówó àwọ̀n, kó lè jẹ́ pé òun nìkan ló gbọ́dọ̀ tà fún. Bó bá yọ́ kó o lọ sọ́jà Olúwo, ìjà dé. Èèwọ̀ á ti ibẹ̀ jáde: a kì í sin gbèsè kí àwọ̀n tó gbẹ. (Èmi ni mo hùmọ̀ ìyẹn.)

Àgbọn Àgbádárìgì kì í kánjú. Igi rẹ̀ tó ga máa ń tó bí ọdún 6 kó tó so, èso rẹ̀ sì ṣeé kó pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹjọ́ ogún ló pọ̀ níbẹ̀: ta ló gbìn ín, ta ló ń ká a? Bí ìtàn rẹ bá kan ìran mẹ́ta, àgbọn ni kí o mú. Bó bá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹja ni mo fara mọ́.